Àpótí Onílé Mẹ́sàn-án àti Òjìji Ọ̀sán

Ní ọdún 1732, ọkùnrin Fúlàní kan tó ti Kàtsínà wá, tó sì ti lọ ṣe Háájì ní Mẹ́kà, wà ní ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó ń kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá. Mùhámmádù ọmọ Mùhámmádù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Al-Kaṣináwì ni àwọn òpìtàn máa ń pè é nítorí ìlú tó ti wá. Ìwé náà dá lórí àpótí onílé tí a ń to nọ́ńbà sí, tó fi jẹ́ pé bí a bá ro ìlà èyíkéyìí nínú rẹ̀ pọ̀, ní ìbú, ní òró tàbí láti igun dé igun, iye kan náà ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá ti rí inú tírà tí àwọn àlùfáà ń kọ ní ilẹ̀ Yorùbá lè ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí tó ní ilé mẹ́sàn-án láti nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Kí ọdún 1000 tó pé, àwọn tó ń kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1300, Gíríìkì kan ní Kọnsitantínópù, Mánúẹ́lì Mosikopúlọ́sì, ti kọ ìlànà bí a ṣe ń to nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ wọ̀nyí jìnnà síra, ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ àpótí kan náà ni. Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìmọ̀ pín sí méjì nígbà tó bá ń rìnrìn àjò. Èkíní ń gbé ẹ̀rí ara rẹ̀ dání, kò sí ibi tó dé tó nílò àtúnṣe. Èkejì so mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ tún un ṣírò fún ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ìlú tí ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ojú ọ̀run ti gbilẹ̀ láyé àtijọ́ ni àwọn tó mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì.

Ká kọ́kọ́ wo àpótí náà fúnra rẹ̀, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú bírò, kí ẹ ya àpótí tó ní ilé mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òró. Nọ́ńbà 1 títí dé 9 la fẹ́ tò sínú rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, 45 ni. Ìlà mẹ́ta ni yóò sì pín 45 yìí dọ́gba, nítorí náà 15 ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀nà kan tó wà nínú ìwé Mosikopúlọ́sì rèé. Ẹ fi 1 sí ilé tó wà lábẹ́ ilé àárín gbùngbùn. Láti ibẹ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì yà sí ọ̀tún ní ìgbésẹ̀ kan. Bí ẹsẹ̀ yín bá yọ kúrò ní ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ wọlé padà láti òkè; bó bá yọ kúrò ní ọ̀tún, ẹ wọlé padà láti òsì. Báyìí ni 2 ṣe bọ́ sí igun òkè lápá ọ̀tún, tí 3 sì bọ́ sí àárín lápá òsì. Láti orí 3, ìgbésẹ̀ tó kàn yóò gbé wa lọ sílé tí 1 ti wà. Bí a bá bá ẹlòmíì nílé, ibi tí a wà la ó ti sọ̀ kalẹ̀ tààrà ní ìgbésẹ̀ méjì, a kò ní yà síbì kankan: bí 4 ṣe dé igun òkè lápá òsì nìyẹn. Nígbà náà 5 gba àárín gbùngbùn, 6 gba igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibi tó yẹ kí 7 lọ ni 4 wà, nítorí náà a sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì láti orí 6, 7 sì bọ́ sí òkè 6 gan-an. Ilé méjì tó ṣẹ́ kù di ti 8 àti 9. Ohun tó jáde nìyí:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ìlànà kan náà yóò to àpótí onílé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ 65, láì yí ohunkóhun padà. Àmọ́ bí ilé mẹ́rin bá wà ní ìbú àti mẹ́rin ní òró, kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ní ilé àárín tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpótí tó ní ilé àárín, bíi ti mẹ́ta, márùn-ún àti méje, ni Al-Kaṣináwì gbájú mọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, ẹni tó ń da á kọ lè ṣi nọ́ńbà kan kọ. Ká sọ pé ó kọ 6 sí ibi tó yẹ kí 9 wà lókè. Ìlà òkè yóò di 4, 6 àti 2, èyí tó jẹ́ 12. Ìlà àárín tó lọ sísàlẹ̀ yóò di 6, 5 àti 1, òun náà jẹ́ 12. Ìlà méjèèjì fi 3 dín sí 15, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti pàdé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, 3 la ó sì fi kún un kó tó bọ̀ sípò. Ẹni tó ṣe àtúnṣe yìí kò bi ẹni tó kọ ìwé náà ní ìbéèrè kankan, kò sì nílò láti mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Èyí ni mo ń pè ní ìmọ̀ tó gbé ẹ̀rí ara rẹ̀ dání.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ tírà ni gbogbo èyí, kì í ṣe ìṣirò. Òótọ́ ni pé Al-Kaṣináwì gbà pé agbára wà nínú lẹ́tà àti nọ́ńbà, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìgbàgbọ́ náà kúrò, ìlànà títo nọ́ńbà kò yẹ̀ díẹ̀; 15 ni ìlà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ fún mùsùlùmí, fún ọmọ ìjọ, fún ẹni tí kò gbà gbọ́ rárá. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní Bàgídáàdì náà ń fi í sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún àwọn ọba, a kò sì tìtorí èyí sọ pé wọn kò mọ bí a ṣe ń ṣírò ibi tí òṣùpá wà.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti òṣùpá yìí ló mú wa dé apá kejì. Láàárín ọdún 770 sí 780, ìwé ìṣirò ojú ọ̀run kan láti ilẹ̀ Íńdíà dé ààfin ọba ní Bàgídáàdì, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá. Láàárín àádọ́ta ọdún tó tẹ̀ lé e, Al-Kuwarísímì, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọba Al-Mámúnù, gbé ìwé tirẹ̀ kalẹ̀ lórí ìmọ̀ yẹn. Nọ́ńbà onílà-onílà ló kún inú rẹ̀, èyí tí ènìyàn lè fi mọ ibi tí oòrùn àti òṣùpá yóò wà lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìwé náà dé Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀sán kì í pọ́n ní ìlú méjèèjì nígbà kan náà, ọjọ́ inú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà àwọn ará Páṣíà. Maṣilámà, onímọ̀ ìṣirò ará Kọ́dóbà tó kú ní nǹkan bí ọdún 1007, ló tún un ṣírò kó lè bá ìlú tirẹ̀ mu, ó sì yí ọjọ́ rẹ̀ sí kàlẹ́ńdà Híjírà. Èyí tó ti gba ọwọ́ Kọ́dóbà kọjá ni Adẹláàdì, ará ìlú Báàtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, túmọ̀ sí èdè Látìn ní ọdún 1126.

Ẹni tó ń gbé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó ní àríwá Èkìtì náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí Maṣilámà fi ṣe wàhálà. Ẹ ri igi tó gùn ní mítà kan mọ́lẹ̀ ní gbangba, kó dúró ṣánṣán. Ọ̀sán gangan ni ìgbà tí òjìji rẹ̀ bá kúrú jù. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni, nítorí ibi tí aago wa ti gba àkókò rẹ̀ wà lápá ìlà-oòrùn wa. Ìkọ̀lé wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, Káírò wà ní ìwọ̀n 30. Ní ìparí oṣù Òkúdù, oòrùn máa ń dé ìwọ̀n 23 àti ààbọ̀ sí àríwá. Oòrùn ọjọ́ náà kò tíì dé orí ará Káírò, gúúsù rẹ̀ ló wà, nítorí náà òjìji igi rẹ̀ yóò ṣubú sí àríwá, kò sì ní ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ní Ìkọ̀lé, oòrùn ti kọjá wa lórí lọ sí àríwá, bí òjò kò bá ṣú bò ó, òjìji igi wa yóò ṣubú sí gúúsù, yóò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ìwé tó bá kọ́ mùsùlùmí Káírò pé òjìji ọ̀sán kì í yé wo àríwá ti sọ òótọ́ fún ará Káírò, ó sì ti ṣi ará Ìkọ̀lé lọ́nà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Gúúsù ìlà-oòrùn ni Mẹ́kà wà sí Káírò. Láti Ìkọ̀lé, ìlà-oòrùn tó yà sí àríwá ni. Ẹni tó bá kó ìdáhùn Káírò wálé yóò yà kúrò ní ibi tó yẹ kó kọjú sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ọ̀nà ìṣirò wá, tó sì fi ibi tí Ìkọ̀lé wà sínú rẹ̀, yóò rí i.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ará Kàtsínà yìí kàn da ohun tí àwọn Lárúbáwá ti mọ̀ kọ ni. Bí gbígbà lọ́wọ́ ẹlòmíì bá sọ ènìyàn di aláìmọ̀, a jẹ́ pé Bàgídáàdì tó gbà lọ́wọ́ Íńdíà kò mọ nǹkan, Kọ́dóbà tó gbà lọ́wọ́ Bàgídáàdì kò mọ nǹkan. Iṣẹ́ ẹni tó gbà ni láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un ṣírò bó bá yẹ, kó sì lè kọ́ ẹlòmíì. Àtakò tó lágbára jù ú lọ ni pé Al-Kaṣináwì fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé kí àwọn tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe é ní kọ̀rọ̀. Báwo ni ìmọ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ ṣe ń gbilẹ̀? Ìkìlọ̀ yẹn pa àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lára, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ìlànà náà sílẹ̀ yékéyéké, ó sì ní akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Hásánì Al-Jabátì, ọ̀mọ̀wé ará Káírò. Ilé rẹ̀ ni ará Kàtsínà náà kú sí ní ọdún 1741. Ọmọ Hásánì, Abudu-Rámánì, tó di òpìtàn ńlá, ló kọ ìtàn ìgbésí ayé àlejò bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé ní ọdún Híjírà 1159, èyí tó bọ́ sí 1746, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Yúróòpù wá kọ́ ìṣirò ìwọ̀n ilẹ̀ àti igun lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú wọn.