Irun Tuntun Lẹ́yìn Kẹmotẹ́rápì: Ìmọ̀ràn Àgbà fún Ọ̀dọ́ Onídìrí

Kẹmotẹ́rápì ni ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú oògùn líle, èyí tí wọ́n sábà máa ń fà sí aláìsàn nínú iṣan, tí wọ́n á fún un lónìí, tí wọ́n á sì tún fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí yóò fi pé iye ìgbà tí dókítà pa láṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí gbogbo ara fi wà, tó bá ń yára pín sí méjì ni oògùn náà ń lépa, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ti jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ìdí irun náà ń yára pín, kò sì sí bí oògùn yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí irun fi ń tú dànù ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìdí irun kò kú rárá; iṣẹ́ ló dá dúró, tí oògùn bá sì ti kúrò lára, yóò tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Onídìrí tí òye yìí bá yé kò ní ta òróró ìwúrun fún ẹni tí irun rẹ̀ kò tíì tó àsìkò láti hù, kò sì ní kánjú sí èyí tó ti hù.

Ọ̀rọ̀ obìnrin olùkọ́ kan ní Ìkọ̀lé, tó gba abẹ́rẹ́ 6 fún jẹjẹrẹ ọyàn, yóò jẹ́ kí ọ̀nà náà hàn. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, irun wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí irun ọmọ ìkókó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún irun ní dúdú máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ju àwọn tó ń hu irun lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta, irun náà kò tíì gùn ju oríkèé ìka kan lọ, èyí kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí pé irun orí kì í sábà gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lóṣù kan. Ó ká kò kó ní ìpàkọ́, ó sì nà díẹ̀ níwájú. Obìnrin náà rò pé àìsàn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi rìláásà na irun rẹ̀ tí kò fi mọ bí irun àbímọ́ rẹ̀ ṣe rí mọ́. Òótọ́ ni pé irun tó hù lẹ́yìn kẹmotẹ́rápì lè yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ní àwọ̀ àti ní kíká, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń padà sí ipò bí oṣù ti ń gorí oṣù, nítorí náà ó yẹ kí onídìrí kọ́kọ́ béèrè irú irun tí oníbàárà ní kí rìláásà tó dé orí rẹ̀.

Ohun tó ń dun obìnrin yìí jù ni ojú àwọn ènìyàn. Ní ilẹ̀ Èkìtì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, àṣà àtijọ́ ni kí wọ́n fá orí opó láti ṣọ̀fọ̀ ọkọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kí i kú ará fẹ́ra kù lọ́jà nígbà tí gèlè bá yẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì wà láàyè. Nítorí èyí ló ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀yẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń dirun, tó ní kí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì dì í fún òun. Ọmọbìnrin tó dì í káàánú rẹ̀, ó pè é ní yèyé, ó sì ṣe é ní wẹ́wẹ́ kó lè mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni àṣìṣe náà, nítorí pé irun mélòó kan péré, tí ìdí wọn kò tíì fìdí múlẹ̀, ló wá ń gbé ẹrù àtáṣímẹ́ǹtì gígùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí ti ń ta á, kókó wẹ́wẹ́ bí èèsú ti yọ lẹ́bàá etí àti níwájú orí, awọ orí sì ń gbé sókè níbi tí irun ti fà á. Ọ̀dọ́ onídìrí kò gbọdọ̀ sọ fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ pé yóò rọ̀ tó bá di ọ̀la, nítorí pé kókó wọ̀nyẹn ni àmì pé ìdí irun ń ya kúrò ní ipò, tí fífà náà bá sì ń wáyé léraléra, ojú ibẹ̀ lè pá títí láé. Kí ó tú u lọ́jọ́ náà gan-an ni ó tọ́, kí ó fi omi àti òróró díẹ̀ rọ ìdí rẹ̀, kí ó sì máa tú u láti ìsàlẹ̀ wá sókè láìfi kóòmù fà á.

Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà wá kọ́ bí a ti ń tọ́jú irun tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣampú tí kò le fọ̀ ọ́. Ọṣẹ dúdú tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò yẹ irun yìí, nítorí pé omi eérú tó wà nínú rẹ̀ ń fa ọ̀rá orí gbẹ, tí awọ orí á sì máa fọ́n bí ìpẹ́, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ wọ àríwá Èkìtì. Aṣọ òwú tó ti gbó ló fi ń tẹ omi inú irun náà, kì í fi táwẹ́ẹ̀lì gbo ó. Kí omi tó gbẹ tán ló ń bu òrí bí ẹ̀wà ẹyọ kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, á sì fi ra irun. Ìdí tó fi ń ṣe é lórí irun tútù ni pé òróró kì í mú omi wá, ńṣe ló ń dá èyí tó wà nílẹ̀ dúró, ẹni tó bá sì fi kun irun gbígbẹ kàn ń fi ọ̀rá bo ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ó ń fi aṣọ sátíìnì wérí sùn, kí ìrọ̀rí má baà máa ha irun náà.

Rìláásà àti dáì gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán fún oṣù 6 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ó sì sàn kí dókítà mọ̀ sí i, nítorí pé oró rìláásà lè bó awọ orí tí kò tíì gbó. Nígbà tí àsìkò bá tó, kí onídìrí kọ́kọ́ dán dáì wò lẹ́yìn etí, kí ó sì dúró fún ọjọ́ 2 kí ó tó fi kan orí. Tí wọ́n bá ti yọ kókó abíyá oníbàárà nígbà iṣẹ́ abẹ ọyàn, apá ẹ̀gbẹ́ yẹn lè wú, nítorí náà kí onídìrí fi ìrọ̀rí tì í, kí ó má sì jẹ́ kí oníbàárà fi apá náà di kóòmù tàbí dígí mú lókè fún ìgbà pípẹ́.

Obìnrin olùkọ́ náà gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ ìgẹrun ni wọ́n sì ń lò fún un, wọn kò fi abẹ kàn án. Nígbà tí ìka lè di irun náà mú láìfà á ni onídìrí àgbà kan wá fi òwú dúdú kó o fún un: ó pín in ní ńlá ńlá, ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìwé fún ìwọ̀n eékánná kan, ó sì ní kó wá tú u kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Irun kíkó kò nílò àtáṣímẹ́ǹtì, nítorí náà kò di ẹrù kankan lé e, èyí ló jẹ́ kí ó dára ju dídì lọ fún irun ìgbà yìí.

Kì í ṣe gbogbo orí ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tamọ́sífẹ́ẹ̀nì, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbé mì fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn kẹmotẹ́rápì, lè jẹ́ kí irun fẹ́lẹ́, oògùn bíi dosẹtásẹ́ẹ̀lì sì lè mú kí irun àwọn díẹ̀ má hù tán mọ́. Tí oṣù 6 bá kọjá tí ojú orí ṣì ń hàn, tàbí tí irun tó ti hù tún ń tú, kí onídìrí má ṣe gba owó ìpara lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó sì má sọ fún un pé kó dá oògùn rẹ̀ dúró. Kí ó ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ó gba ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lọ, kí wọ́n lè wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn ló fà á.