Àpótí Ìmọ̀: Kí ló sọnù nínú àkékúrú yìí?
Kọ àwọn kókó àyọkà sílẹ̀ kí o tó ka àkékúrú rẹ̀ rárá. Bí o bá ti àkékúrú bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ kì í tètè rí ohun tó sọnù.

Àyọkà wa nìyí: “Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí wọ́n má ga kọjá etí ṣíbí, sínú omi mímọ́ líta 1. Máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Da èyí tó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24.”

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ké e kúrú báyìí: “Fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní omi iyọ̀ àti ṣúgà.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ó kùnà. Ohun tó sọnù ni ìwọ̀n, omi mímọ́, díẹ̀díẹ̀, àti wákàtí 24. Ìwọ̀n ni kí o kọ ṣáájú, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ náà léṣe gan-an. Bi ara rẹ pé: bí ìyá ọmọ bá rí àkékúrú yìí nìkan, ṣé yóò lè po omi náà bó ṣe yẹ?