Bí A Ṣe Ń Mú Ìdọ́gba Rẹ́dọ́ọ̀sì Gún Régé Nínú Omi Ásíìdì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì kò ní tíì gbàgbé omi elése àlùkò tí a máa ń bù sínú bùrẹ́ẹ̀tì. Pọtásíọ̀mù pámánganéètì ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá ń kán an sínú omi tí iyọ̀ irin àti ásíìdì sọ́fúríìkì wà nínú rẹ̀, kíá ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń parẹ́. Nígbà tí irin tí ó lè bá a ṣe bá tán, ẹ̀kán tí ó tẹ̀lé e yóò fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí kò ní parẹ́ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ka iye omi tí ó ti jáde, yóò sì fi í ṣírò iye irin tí ó wà nínú ìgò. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe ìṣirò yìí bí kò bá mọ iye irin tí pámánganéètì kan ṣoṣo ń bá ṣe. Ìdọ́gba tí ó gún régé nìkan ni ó lè sọ fún un.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ju pàṣípààrọ̀ lọ. Irin ń sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nù, mángánísì inú pámánganéètì sì ń gbà á. Ìsọnù ni a ń pè ní ọ́sídéṣọ̀n, ìgbà ni a ń pè ní rídọ́kṣọ̀n. Àwọn méjèèjì pọ̀ ni rẹ́dọ́ọ̀sì. Kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a lè sọ nù kí ẹnìkan má gbà á. Nítorí náà, a ó kọ ti olùsọnù lọ́tọ̀, a ó kọ ti olùgbà lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ń pè ní ìdajì ìdọ́gba.

Ohun tí a mọ̀ láti inú àyẹ̀wò nìyí:

MnO₄⁻ + Fe²⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺

Nọ́ńbà kékeré tí ó wà lókè ń sọ ẹrù iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rù. Fe²⁺ ru ẹrù méjì tí ó jẹ́ ti ròpọ̀. MnO₄⁻ ru ẹyọ kan tí ó jẹ́ ti yọkúrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pín in sí méjì.

Fe²⁺ → Fe³⁺
MnO₄⁻ → Mn²⁺

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka àwọn átọ́ọ̀mù tí kì í ṣe ọ́síjìn tàbí háídrójìn. Irin kan wà lápá òsì, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. Bákan náà ni mángánísì. A kò ní ohun tí a ó ṣe sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi omi mú ọ́síjìn dọ́gba. Ọ́síjìn mẹ́rin wà nínú pámánganéètì, kò sì sí ìkankan lápá ọ̀tún. Omi kọ̀ọ̀kan ní ọ́síjìn kan, nítorí náà omi mẹ́rin ni a ó fi síbẹ̀.

MnO₄⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi H⁺ mú háídrójìn dọ́gba. Omi mẹ́rin ti mú háídrójìn mẹ́jọ wọlé. A ó fi H⁺ mẹ́jọ sí apá kejì.

MnO₄⁻ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 4H₂O

Omi àti H⁺ ni a ń lò nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó pọ̀ yanturu nínú omi ásíìdì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi OH⁻ síbẹ̀ ti mú ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mú ẹrù iná dọ́gba. Ní ti mángánísì, ẹ ṣírò apá òsì: mẹ́jọ ti ròpọ̀, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ó ku méje. Apá ọ̀tún jẹ́ méjì, nítorí omi kò ru ẹrù kankan. Méje gbọ́dọ̀ di méjì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì ru ẹyọ kan ti yọkúrò, nítorí náà márùn-ún ni yóò bọ́ sí apá òsì.

MnO₄⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ní ti irin, méjì wà lápá òsì, mẹ́ta wà lápá ọ̀tún. A ó fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sí apá ọ̀tún kí ó lè padà di méjì.

Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻

Ẹ kíyè sí i pé apá òsì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà fún olùgbà, apá ọ̀tún ni ó wà fún olùsọnù. Bí méjèèjì bá bọ́ sí apá kan náà, àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mú ìsọnù àti ìgbà dọ́gba. Mángánísì ń béèrè márùn-ún, irin kan kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Irin márùn-ún ni yóò san án. A ó sọ gbogbo ìdajì ti irin di ìlọ́po márùn-ún.

5Fe²⁺ → 5Fe³⁺ + 5e⁻

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún kúrò lápá méjèèjì.

MnO₄⁻ + 5Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H₂O

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Átọ́ọ̀mù pé. Ẹrù iná apá òsì jẹ́ 10 pẹ̀lú 8, ẹ yọ 1, ó di 17. Apá ọ̀tún jẹ́ 2 pẹ̀lú 15, òun náà jẹ́ 17.

Àyẹ̀wò ẹrù iná yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fò, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣubú. Ẹ wo èyí:

MnO₄⁻ + Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺ + 4H₂O

Ẹ ka átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ pé. Síbẹ̀, 9 ni ẹrù apá òsì, 5 ni ti apá ọ̀tún. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ti wọlé láìsí ẹni tí ó sọ wọ́n nù, èyí kò sì lè ṣẹlẹ̀.

Ohun tí àṣìṣe yẹn ń náni hàn gbangba nínú ìṣirò. Ká ní 25.0 cm³ omi irin gba 20.0 cm³ pámánganéètì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.020 mol/dm³. Pámánganéètì tí a lò jẹ́ móòlù 0.00040. Nítorí pé ọ̀kan ń bá irin márùn-ún ṣe, irin jẹ́ móòlù 0.0020, agbára omi irin sì jẹ́ 0.080 mol/dm³. Ẹni tí ó lo ìdọ́gba èké yóò rí 0.016, ìdá kan péré nínú márùn-ún, bí ó tilẹ̀ wọn omi náà láìṣe àṣìṣe kankan.

H⁺ mẹ́jọ inú ìdọ́gba wa tún ń sọ ìdí tí ásíìdì fi gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bí kò bá tó, pámánganéètì kì yóò lọ títí dé Mn²⁺. Yóò dúró sí MnO₂, a ó sì rí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń da omi rú nínú ìgò. Bí a bá rí i, iye márùn-ún kò dúró mọ́, kí a da omi náà nù, kí a tún un ṣe. Ásíìdì sọ́fúríìkì sì ni ó yẹ ká lò. Bí a bá lo ásíìdì háídróklóríìkì, Cl⁻ inú rẹ̀ yóò máa sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nù fún pámánganéètì, yóò sì di klóríìnì. Omi bùrẹ́ẹ̀tì yóò wá jáde ju iye tí irin béèrè lọ, irin yóò sì dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bí ó ti wà lọ.