Wọ́dúróòbù Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé: Lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé kò tíì pẹ́ tí o gba fíríìdọ́ọ̀mù tí iṣẹ́ wọ́dúróòbù fi wọlé dé fún ọ. O ní ilé tí wọ́dúróòbù náà máa wà kò tíì parí, pé àwọn bíríkìlà ṣì ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́, ṣùgbọ́n o ti wọn yàrá, o ti wọn ẹnu ọ̀nà, o sì fẹ́ lọ ra pákó ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, dúró ná. Má ṣe jẹ́ kí owó onílé yẹn kúrò lápò rẹ títí o ó fi ka ohun tí mo kọ síbí tán.

Káfíńtà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọlúwàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dán lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin olùkọ́ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́lé ní kó bá àwọn kan wọ́dúróòbù fún yàrá wọn. Lọ́jọ́ tó lọ wo ilé náà, búlọ́ọ̀kù lásán ni ògiri. Wọn kò tíì rẹ́ ẹ, wọn kò sì tíì so férémù kankan. Láti pálọ̀ ni èèyàn ti ń wọ yàrá náà tààrà, kò sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n máa ṣẹ́ kọ́nà nínú rẹ̀. Káfíńtà yìí na tépù láti búlọ́ọ̀kù ọ̀tún dé ti òsì, ó bá íńṣì 30. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ilẹ̀kùn, 30.” Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tépù rẹ̀ kò purọ́. Íńṣì 30 ni ihò náà lóòótọ́. Àmọ́ ihò búlọ́ọ̀kù ni káfíńtà wọ̀n, ẹnu ọ̀nà kọ́ ni, kò sì kọ ibi tí tépù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nígbà tí àwọn onílé rí owó, tí wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, oṣù mélòó kan ti kọjá. Ó ti ṣe iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn láàárín, kò sì rántí bí ibẹ̀ ṣe rí mọ́. Ó ṣí ìwé, ó rí 30, ó gbà pé àyè tí ẹrù máa gbà kọjá nìyẹn.

Ọkọ olùkọ́ náà máa ń wọ agbádá, ó sì fẹ́ kí inú wọ́dúróòbù jìn dáadáa kí aṣọ má baà máa há mọ́ ilẹ̀kùn. Nítorí náà, káfíńtà fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí íńṣì 26. Gíga rẹ̀ jẹ́ 84, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, ó sì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Pílíwúùdù tó nípọn ní ¾ ló lò. O mọ̀ pé pákó kan fẹ̀ ní íńṣì 48, ó sì gùn ní 96. Bí a bá gé 26 níbẹ̀, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22, òun ló sì fi ṣe pẹpẹ inú rẹ̀. Ó gbá pílíwúùdù fẹ́lẹ́ tó nípọn ní ¼ mọ́ ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn iwájú náà sì jẹ́ ¾. Bí o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, íńṣì 27 ló jẹ́ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Lójú tirẹ̀, íńṣì mẹ́ta ṣì kù láti fi rìn. Ó fi gọ́ọ̀mù so oríkèé rẹ̀, ó kan ìṣó mọ́ ọn, ó kùn ún, ó dán.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni wahálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti so férémù igi apá sí ẹnu ọ̀nà náà, íńṣì méjì lápá kan, íńṣì méjì lápá kejì. Ihò tó jẹ́ 30 ti di 26. Wọ́n sì ti so ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn yẹn nípọn ní 1¾. Wọ́n gbẹ́ ìlàjì íńṣì wọnú férémù kí ilẹ̀kùn lè jókòó síbẹ̀, nítorí náà bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbalasa, 1¼ nínú ara rẹ̀ ṣì yọ sójú ọ̀nà. Àyè tó kù fún ẹrù jẹ́ 24¾.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọ́dúróòbù náà lọ́wọ́. Wọ́n gbé e ní òòró, kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kò gbà. Wọ́n tú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ku 26¼. Wọ́n tú ilẹ̀kùn yàrá náà kúrò lára férémù, àyè di 26. Ìdá mẹ́rin íńṣì kan péré ló ṣẹ́kù láàárín àwọn àti yàrá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní kí wọ́n tú pílíwúùdù ẹ̀yìn kí wọ́n sì tì í wọlé tipátipá. Ìyẹn á sọ ọ́ di 26 nínú 26, igi kì í sì í gba inú ihò tó bá a dọ́gba kọjá láìfi ara ha, pàápàá nígbà tí férémù kò gún délẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gba ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n irin adènà olè ti wà níbẹ̀. Ẹnìkẹta ní kí wọ́n yọ férémù.

Níbí ni mo ti yin káfíńtà yìí. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan férémù. Wọ́n ti fi ìṣó àti sìmẹ́ńtì dè é mọ́ búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ti rẹ́ ògiri wá bá a. Ẹni tó bá yọ ọ́ máa la ògiri, férémù náà lè wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ bó ti yẹ. Ó sọ fún obìnrin olùkọ́ náà pé, “Mà, ọwọ́ mi ni àṣìṣe yìí ti wá. Mo máa tún un ṣe, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e.” Ó ní kí wọ́n gbé ẹrù padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Fetí sí bó ṣe tún un ṣe dáadáa, torí pé ó lè ṣe ọ́ láǹfààní. Kò kàn dín jíjìn rẹ̀ kù, ó pín in sí àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 30. Ó fi igi pẹlẹbẹ sábẹ́ hámà kó má baà dá ojú pákó légbò, ó sì gbá àwọn ẹ̀gbẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Níbi tí gọ́ọ̀mù ti mú, pílíwúùdù ṣí ní ìpele ìpele, etí pákó sì bàjẹ́. Pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ gùn ní 58½. Àpótí tuntun kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ 28½, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjì tó nípọn ní ¾ ló máa parí 30 náà. Ẹ̀mejì 28½ jẹ́ 57. Ó ku íńṣì kan àti ààbọ̀. Láti inú èyí ló ti gé etí tó bàjẹ́ kúrò, ayùn sì jẹ ìyókù. Bí kò bá jẹ́ íńṣì kan àti ààbọ̀ yìí, ì bá ra pákó mìíràn.

Lẹ́yìn náà ló la gbogbo jíjìn rẹ̀ láti 26 sí 22. Ẹ̀yìn ló ti gé íńṣì mẹ́rin náà, kò fọwọ́ kan iwájú, nítorí pé iwájú ni ojú híńjì wà, ibẹ̀ náà ló sì ti dán etí pákó. Èyí jẹ́ kí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ipò wọn, méjì fún àpótí kọ̀ọ̀kan, láìgé wọn rárá. Íńṣì 22 kò sì kéré jù, torí pé háńgà àgbàlagbà kì í sábà ju 18 lọ.

Ohun tó rà ni pílíwúùdù kan tó nípọn ní ¾, tó gé ẹ̀gbẹ́ àárín méjèèjì láti inú rẹ̀, nítorí pé pákó tó pín inú wọ́dúróòbù àtijọ́ kúrú, kò tó 84. Ó tún ra fẹ́lẹ́ kan fún ẹ̀yìn. Kò lo gọ́ọ̀mù láàárín àpótí méjèèjì. Bóòtù mẹ́rin ló fi so wọ́n pọ̀ nínú yàrá, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan jìn ní 23 pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọjá nínú 24¾ láìjẹ́ pé wọ́n tú ilẹ̀kùn yàrá, ènìyàn méjì péré ló sì gbé e. Ọkọ olùkọ́ náà kò fẹ́ràn pé jíjìn rẹ̀ dín kù. Ó sọ ọ́, káfíńtà sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Èrè iṣẹ́ náà bá pákó, ọ̀dà àti owó ọkọ̀ lọ.

Wàyí o, Àkànní, padà síbi iṣẹ́ rẹ nígbà tí wọ́n bá so férémù àti ilẹ̀kùn tán. Ṣí ilẹ̀kùn náà dé ibi tó lè dé, kí o wọ̀n láti ara ilẹ̀kùn dé ara férémù kejì, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Èyí tó kéré jù ni kí o mú. Má ṣe tẹ tépù wọ igun kí o máa méfò, torí pé ibi tó bá ti tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi íńṣì kan kà. Mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó kúrú ju ọ̀nà náà lọ, so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fà wọ́n títí orí wọn á fi kan apá méjèèjì, fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí wọ́n ti pàdé, kí o wá gbé wọn sílẹ̀ wọ̀n. Bí ọ̀nà bá ní kọ́rídọ̀, wọn ìyẹn náà, nítorí pé ohun tó bá gba ẹnu ọ̀nà lè má rí àyè yí padà.

Bí onílé bá ń kán ọ lójú tí férémù kò sì tíì dé, bi ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn wọn léèrè bí igi férémù apá méjèèjì àti ilẹ̀kùn ṣe nípọn tó, kí o yọ ọ́ kúrò nínú ihò búlọ́ọ̀kù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n fẹ́ rà, dúró títí wọ́n á fi gbé e wá, nítorí pé férémù wọn kì í rí bákan náà. Nínú ìwé rẹ, kọ orúkọ ibi tí o ti wọn ọ́n síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: “búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù,” tàbí “ilẹ̀kùn ṣíṣí sí férémù.” Kọ ọjọ́ tí o wọn ọ́n pẹ̀lú. Wọ́dúróòbù tó bá sì fẹ̀ ju íńṣì 48 lọ, ṣe é ní àpótí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o fi bóòtù dè é nínú yàrá.

Ya àwòrán ẹnu ọ̀nà náà sórí ìwé kékeré, kọ iye tí o bá bá lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ sí i, kí o fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn sí mi kí o tó ra pákó kankan. Mo ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ