Òjò Kò Rọ̀, Àjà Ń Jò: Ìrì Tó Ń Sẹ̀ Lábẹ́ Páànù

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, omi kán sí mi lójú lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde wo ojú ọ̀run, ìràwọ̀ ló kún un. Òjò ò tíì rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìdílé mẹ́fà la jọ ń gbé ilé náà ní Àgbowó. Káfíńtà wá, ó fi kòtáà di orí gbogbo ìṣó, a dá owó fún un. Ní ọjọ́ kẹta, omi tún kán. Ni baba onílé bá ní kí a dá owó páànù tuntun. Mọ́mì mi wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka Físíìsì, kí lo rí sí i?"

Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ rántí ike omi dídì tí a máa ń rà ní géètì. Kò pẹ́ tí a bá dì í mú ni ara rẹ̀ á tutù, omi á máa ṣàn lára rẹ̀. Ike náà ò jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé omi tí ojú ò rí, bó bá sì ṣe gbóná tó ni èyí tó lè gbé ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká wo àpótí afẹ́fẹ́ kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ní 25°C, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 23 omi lọ. Ní 20°C, kò lè gbé ju nǹkan bíi 17 lọ. Tí afẹ́fẹ́ tó ti gbé 20 bá wá fara kan irin tó wà ní 20°C, gíráàmù mẹ́ta gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìrì nìyẹn, bó ṣe ń sẹ̀ lára koríko náà ló ṣe ń sẹ̀ lábẹ́ páànù.

Ṣùgbọ́n kí ló ń mú páànù tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ? Lálẹ́, páànù máa ń tú ooru ara rẹ̀ sí ojú ọ̀run. Tí kùrukùru bá wà lókè, á dá díẹ̀ nínú ooru náà padà, bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ bora. Tí ọ̀run bá mọ́, ooru ti lọ nìyẹn. Páànù fẹ́lẹ́, nítorí náà kò ní ooru púpọ̀ nípamọ́. Ẹ fọwọ́ kan òrùlé mọ́tò tó sun ìta ní Bódìjà láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ó ti tutù, tó sì ti lómi lára.

Ìdí nìyí tí kò fi kí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà òjò, kùrukùru máa ń bo ọ̀run. Nígbà tí ọyẹ́ bá le tí ètè ń la, afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù. Àárín méjèèjì ni ewu wà: ọ̀run mọ́, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ lómi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lẹ́yìn tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, àti nígbà tí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má rò pé omi náà kéré. Ká ní òrùlé jẹ́ 70 m², tí omi tó sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ò sì nípọn ju bébà ìwé kan lọ, ìyẹn 0.1 mílímítà. Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, lítà méje ni!

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá páànù ló lu ni àbí ìrì ló sẹ̀? Ọ̀nà kìíní: lọ́sàn-án tí oòrùn mú, a da omi sí orí páànù lókè yàrá wa, garawa mẹ́rin. Ìkán kan ò wọlé. Ọ̀nà kejì: èmi àti bùrọ̀dá mi gun inú àjà ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. (Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀ o, ẹ má tẹ sílìnì, ẹ má sì sún mọ́ wáyà iná.) Tó bá jẹ́ pé páànù lu ni, ojú kan ni omi á ti máa wá. Ohun tí a rí yàtọ̀: gbogbo abẹ́ páànù ló ń làágùn. Omi náà ń ṣàn wálẹ̀ títí á fi kan igi tí wọ́n kan páànù mọ́, ibẹ̀ ló ti ń kán. Ìdí nìyí tí àbàwọ́n ara sílìnì wa fi tò lọ gbọọrọ, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

Níbẹ̀ la tún ti rí ohun kejì. Ilé ìdáná wa ò ní sílìnì mọ́, èéfín ti bà á jẹ́, wọ́n sì ti yọ ọ́. Àǹtí kan nínú ilé wa máa ń se mọ́ínmọ́ín títà láti aago mẹ́rin ìdájí. Gbogbo ooru ìkòkò náà ń gba ibẹ̀ lọ sínú àjà, àjà kan náà ló sì bo gbogbo yàrá. Gáàsì fúnra rẹ̀ tún ń mú omi wá:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Gíráàmù 44 gáàsì á di gíráàmù 72 omi. Ìyẹn ni pé kílò gáàsì kan tó jó tán ń tú omi tó ju lítà kan ààbọ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a dá sílìnì ilé ìdáná padà, a sì lu ihò ńlá sí ògiri ìta lókè ibi ìdáná, kí ooru lè máa jáde. Lẹ́yìn náà, a ṣí ojú afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan sí orí ògiri méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú àjà kọjá. A fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí àdán. Nínú oṣù Kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni omi kán.

Kí ló dé tí kò tán pátápátá? Afẹ́fẹ́ ìta náà máa ń lómi ní ìdájí, páànù ò sì yé tutù. Ohun tó lè parí rẹ̀ ni kí afẹ́fẹ́ má fojú kan irin tútù mọ́. Tí wọ́n bá ń kan òrùlé tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ fóòmù tó ní ojú dídán sórí igi, kí wọ́n lẹ àwọn ojú àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó kan páànù lé e. Àṣìṣe tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń tẹ́ fóòmù sórí sílìnì. Yàrá á tutù lọ́sàn-án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru yàrá ò ní dé inú àjà mọ́ lóru, páànù á tún wá tutù sí i.

Mo ṣàlàyé fún baba onílé. Mo ní, "Bàbá, tí ẹ bá pààrọ̀ páànù nìkan, páànù tuntun náà á làágùn." Wọ́n gun inú àjà fúnra wọn ní ìdájí, wọ́n fọwọ́ nù ún, wọ́n sì wo ọwọ́ wọn. Wọn ò béèrè owó páànù mọ́. Káfíńtà ti ń ṣírò iye fóòmù tó máa lò.