Màlúù mẹ́ta, èsì kan, àti wàrà inú igbá

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ ní mẹ́ta nínú màlúù wa ní àrùn búrúsẹ́lósíìsì. Ara wọn le, wàrà wọn sì funfun. Ṣé a ṣì lè mu ún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe fún wọn kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ màlúù fi ń bá a jà ló ń wá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè fa irú èsì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò gún wọn rí, oyún sì ti bàjẹ́ lára méjì ní oṣù keje. Nítorí náà, mo gbà pé àrùn ti wọ inú agbo. A ó tún ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn yẹ̀ wò. Ẹ má ta mẹ́ta yìí fún olówò màlúù kankan.

Kòkòrò náà ń gbé inú ọmú màlúù, kì í sì í yí àwọ̀ tàbí òórùn wàrà padà. Ẹ máa se gbogbo wàrà títí yóò fi hó dáadáa, kí ẹ máa rò ó. Kíkan nìkan kì í pa á, torí náà nónò tí a fi wàrà tútù ṣe léwu. Bí ẹ bá ń ṣe wàràkàṣì, ẹ jẹ́ kí wàrà hó kí ẹ tó da oje bọmubọmu sí i. Igbá tí ẹ fi fún wàrà tútù kò gbọdọ̀ gba èyí tó ti jinná.

Bí màlúù bá bímọ tàbí tí oyún rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ibi ọmọ. Bí ibà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹnikẹ́ni nílé, tí oríkèé sì ń ro ó, ẹ sọ ọ̀rọ̀ màlúù yìí fún dókítà ilé ìwòsàn.