Ọkọ̀ tuntun ni àbí tòkúnbọ̀? Ìṣirò tó yẹ kí ìdílé ṣe ní Àlímọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó náwó

Ẹni tó bá ń ti Ìgándó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Ẹ̀gbẹ́dá láràárọ̀, tó tún ń sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀tún, mọ iye tí dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn pé ọkọ̀ kò wúlò fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé owó tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké fi ń ra ọkọ̀, owó ọjà ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ọjà, tí ọkọ̀ náà sì dùbúlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́yìn oṣù méjì, àtọkọ̀ àti ọjà á dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ ni ọkọ, ìyàwó ń ta ẹja tútù ní Ìkọ̀tún, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Wọ́n ti kó mílíọ̀nù 7 náírà jọ láti ra ọkọ̀. Àwọn iye tí a máa lò yìí, àpẹẹrẹ ni wọ́n, nítorí pé owó ọkọ̀ kì í dúró lójú kan láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ fi iye tí ẹ bá rí lọ́jà rọ́pò wọn, ìṣirò náà ò ní yí padà.

Ká ní ọkọ̀ tuntun tó kéré jù tí wọ́n rí jẹ́ mílíọ̀nù 20. Wọ́n máa san mílíọ̀nù 6 sílẹ̀, báńkì á sì yá wọn ní mílíọ̀nù 14 tó kù, tí wọ́n máa fi ọdún mẹ́rin san. Ká fi èlé rẹ̀ sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èyí kì í ṣe àsọdùn rárá, torí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé òṣùwọ̀n èlé tiẹ̀ dé ìdá 27.5, àwọn báńkì tó kù sì máa ń fi tiwọn lé e lórí. Bí wọ́n bá ń san owó gidi àti èlé pọ̀ lóṣooṣù, bíi ₦504,000 ni wọ́n máa máa san lóṣù. Láàárín ọdún mẹ́rin náà, wọ́n á ti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 náírà fún mílíọ̀nù 14 tí wọ́n yá. Èlé nìkan lé ní mílíọ̀nù 10.

Kò tán síbẹ̀. Báńkì tó yá èèyàn lówó ọkọ̀ kì í gbà kó máa wa ọkọ̀ náà láìní adójútòfò ńlá, ìyẹn èyí tó ń san owó bí wọ́n bá jí ọkọ̀ ọ̀hún tàbí tó bá forí sọ nǹkan. Láti ọdún 2023 ni àjọ tó ń rí sí adójútòfò nílẹ̀ wa ti pàṣẹ pé iye tí wọ́n máa gbà fún un kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Fún ọkọ̀ mílíọ̀nù 20, mílíọ̀nù kan nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, tí a fi kún owó báńkì, ìdílé yìí á máa wá bíi ₦587,000 lóṣooṣù kí wọ́n tó da ẹyọ lítà epo kan sínú ọkọ̀. Ẹja mélòó ni ìyá yìí máa tà kí èrè rẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀?

A ò sọ pé ọkọ̀ tuntun kò dára o. Ilé iṣẹ́ tó tà á máa ń fún èèyàn ní ìwé pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́ láàárín àsìkò kan, àwọn ló máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa ṣe sáfíìsì. Bí ẹ bá gbé e lọ fún mẹkáníìkì àdúgbò torí pé tiẹ̀ wọ́n díẹ̀, àǹfààní yẹn lè bọ́. Ẹni tó lè san owó ọkọ̀ tuntun tán láì yáwó, láì sì fọwọ́ kan owó ọjà, kó rà á. Ìdílé tí à ń sọ yìí kò sí nípò bẹ́ẹ̀.

Tòkúnbọ̀ ló kù fún wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé ẹni tó ní mílíọ̀nù 7 á lọ ra ọkọ̀ mílíọ̀nù 7. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n wá èyí tí kò ju mílíọ̀nù 5 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 lọ. Nínú mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 tó kù, kí wọ́n ya mílíọ̀nù kan sọ́tọ̀ fún ìwé ọkọ̀ àti àtúnṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: epo ẹ́ńjìnnì, epo gíà, bẹ́líìtì, páàdì bíréèkì, bátìrì, àti táyà. Kí ₦800,000 sùn sí báńkì, torí pé ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ṣàìní nǹkan tó máa yọ jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fúngbà díẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni. Bó ti wù kó máa dán tó, ẹ má gbé ọmọ sórí rẹ̀.

Báwo wá lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó dára? Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kó jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín máa sanwó fún, kì í ṣe ẹni tí olùtà bá pè wá. Ẹ sọ fún olùtà pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló ń bò mọ́lẹ̀, torí pé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn. Bí èéfín tó ń jáde bá dà bí aró, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Bó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu epo ẹ́ńjìnnì sí. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ògì níbẹ̀, omi àti epo lè ti pò pọ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Gíà ló máa ń jẹ owó jù lára ọkọ̀ tí kò ní kíláàṣì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ yí gíà láti N sí D, lẹ́yìn náà sí R. Bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó mi ọkọ̀ jìgìjìgì, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á lọ sójú títì. Kò sí ibi tó dára láti dán ọkọ̀ wò tó àwọn òpópónà inú àdúgbò wa, nítorí pé kòtò tó wà níbẹ̀ kì í purọ́. Bí iwájú ọkọ̀ bá ń dún kógókógó, bọ́ọ̀ṣì tàbí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti lọ, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà lẹ́tàn nínú. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, iná náà gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́. Àwọn mìíràn máa ń fi ẹ̀rọ pa àléébù rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Kí mẹkáníìkì yín fi sikáánà tiẹ̀ wo ibi tí wọ́n kọ `Readiness` sí. Bí ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà níbẹ̀ bá ń sọ `Not Ready`, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ ni, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà á fún ọjọ́ díẹ̀.

Olùtà á tún sọ fún yín pé màmá arúgbó kan ní Amẹ́ríkà ló ń fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday nìkan. Màmá yìí mà lọ́kọ̀ púpọ̀ o! Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹ bá rí àmì ẹrẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí bóòtù abẹ́ ìjókòó ti dípẹtà, omíyalé ti gbé ọkọ̀ náà rí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ sinmi.

Ìwé ló kù. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, àti èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 jẹ́ ọdún 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Bí wọ́n bá ní 2010 ni, tí ẹ sì rí 8 níbẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ọdún méjì rẹ́ yín jẹ.

Ẹ tún béèrè ibi tí ọkọ̀ náà gbà wọlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, tó jẹ́ pé èbúté nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó bá gba Ṣẹ̀mẹ̀ tàbí ọ̀nà ẹ̀bùrú láti Kùtọ́nù lẹ́yìn ìgbà náà kò lè ní ojúlówó ìwé aṣọ́bodè, bó ti wù kí ìwé tí wọ́n fi hàn yín mọ́ tó. Ìdí nìyẹn tó fi lè dínwó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè sì lè dá a dúró lójú títì lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé nọ́ńbà ṣásí àti ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì aṣọ́bodè fúnra yín, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá wọ́n san owó rẹ̀ lóòótọ́. Bí olùtà bá ní òun kò lè dúró dè yín, ẹ jẹ́ kó wá ẹlòmíràn tà á fún.